Fáànù aláṣájì tí mo fẹ́ ṣe àgbéyẹ̀wò rẹ̀: àléébù wo ni kí n sọ, báwo ni kí n ṣe parí ọ̀rọ̀?

ỌmọKàbà

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Mo máa ń ya fídíò kéékèèké nípa ọjà tí àwọn èèyàn wa ń rà. Yorùbá ni mo fi ń sọ ọ́, mi ò sì jẹ́ kó kọjá ìṣẹ́jú kan àbọ̀ nítorí dátà. Ìyá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù iná nítòsí ọjà Kàbà gbé fáànù aláṣájì onídùúró fún mi, ínṣì 16, pé kí n lò ó, kí n sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Owó kaṣú ti ń wọlé, ooru ti dé, fáànù ni gbogbo èèyàn ń béèrè báyìí.

Wàhálà mi nìyí. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé wákàtí 10 ló ń lò. Mo ṣájì ẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ sí nọ́ńbà 3, kò pé wákàtí 4 tó fi kú. Ọ̀rẹ́ àǹtí mi sì ni ìyá yìí. Mi ò fẹ́ purọ́, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n ní mo ba ọjà jẹ́. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ tí mo fẹ́ kà nìyí:

> "Ẹ kú ojúmọ́ o. Fáànù yìí rẹwà, ó lágbára, atẹ́gùn ẹ̀ tutù dáadáa. Ó ní gílóòbù, ó ní ibi tí ẹ ti lè ṣájì fóònù. Ó dára gan-an ni. Àléébù díẹ̀díẹ̀ kò lè ṣàì wà níbẹ̀, torí kò sí ohun tó pé tán. Ọwọ́ yín ló kù sí, ẹ bá a wò."

Mo kà á fún àbúrò mi, ó ní, "Ṣé kí n rà á àbí kí n má rà á?" Èsì ò sí lẹ́nu mi.

Alàgbà_Ìyàrà

O ṣeun tó o béèrè kó o tó gbé e jáde. Bí a ṣe ń ṣe é ni pé kéèyàn sọ rere mẹ́ta, kó sọ àléébù kan, kó tún fi rere kan tì í. Àléébù kan yẹn ṣe pàtàkì, torí bó o bá ń yin nǹkan láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n á ní wọ́n ti san owó fún ẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan kó jẹ́ èyí tó máa bí oníṣọ́ọ̀bù nínú. Mú kékeré kan. Sọ pé wáyà rẹ̀ kúrú, tàbí pé àwọ̀ rẹ̀ kì í pẹ́ dọ̀tí. Gbogbo èèyàn á rẹ́rìn-ín, wàá ti sọ òtítọ́, ìyá yẹn á sì rí ọjà tà.

Akọ̀wéRédíò (Lọ́kọ́ja)

Ẹ kú iṣẹ́, Alàgbà. Mo gbà pẹ̀lú yín pé àléébù kan ló yẹ. Bí wọ́n bá di márùn-ún nínú ìṣẹ́jú kan àbọ̀, kò sí èyí tí olùgbọ́ máa rántí, á kàn mọ̀ pé inú rẹ ò dùn sí nǹkan náà. Ibi tí mi ò ti gbà fún yín ni pé kó mú kékeré. Bí ẹnì kan bá kó ₦60,000 sílẹ̀ nítorí fídíò yìí, tí fáànù wá kú mọ́ ọn lórí láàárín òru, ṣé wáyà tó kúrú ló máa rántí? Á ní, "Ọmọ yìí mọ̀, kò sọ fún mi." Kò ní wo fídíò rẹ mọ́, kò sì ní ra nǹkan kan mọ́ tó o bá yìn.

Àbúrò, bí mo ṣe máa ń yan àléébù nìyí. Kọ́kọ́ kọ gbólóhùn kan sílẹ̀ nípa ìdí téèyàn fi ń ra nǹkan náà. Kí ló dé tí ará Kàbà fi ń ra fáànù aláṣájì dípò èyí tí wọ́n ń kì bọ ara ògiri? Ó fẹ́ kó gbé òun mọ́jú bí iná bá lọ lálẹ́. Ohun yòówù tó bá dí ìdí yẹn lọ́wọ́ ni àléébù tó o máa sọ. Àwọ̀ ò dí i lọ́wọ́, wáyà ò dí i lọ́wọ́. Bátìrì tó kú kó tó di aago méjì òru, òun ló dí i lọ́wọ́.

Ohun kejì: àwọn ọ̀rọ̀ bíi "ó dára gan-an" àti "ó lágbára" kò ṣojú ẹnikẹ́ni. Fi ohun tó ṣẹlẹ̀ rọ́pò wọn. O ti ní ọ̀kan tẹ́lẹ̀: o tẹ̀ ẹ́ sí nọ́ńbà 3, kò pé wákàtí 4. Gbólóhùn kan yẹn níye lórí ju gbogbo ohun tó o kọ lọ, kò sì sí nínú ọ̀rọ̀ tó o fẹ́ kà.

Ìyá_Mọ̀pà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí tèmi náà. Irú fáànù yìí ni mo ti rà tẹ́lẹ̀, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù lásìkò ọyẹ́ torí òtútù. Nígbà tí ooru dé tí mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kò gba iná mọ́. Tí mo bá kì í, iná pupa á tàn, tí mo bá yọ ọ́, á kú lójú ẹsẹ̀. Ṣé ẹ lè júwe ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe fún mi?

Oníbátìrì_Ìsánlú

Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́. Bátìrì yẹn ló ti lọ, fáànù ò ṣe nǹkan kan. Òjé ló wà nínú rẹ̀, irú rẹ̀ kì í fẹ́ kéèyàn fi òun pamọ́ láìsí iná nínú. Ká ní ẹ ṣájì ẹ̀ kún kẹ́ ẹ tó gbé e sókè, tí ẹ sì ń kì í fún alẹ́ kan lóṣooṣù, ẹ ò ní bá a bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ fún ẹni tó máa tún un ṣe pé kó tú ìdí rẹ̀, kó ka ohun tó wà lára bátìrì, kó fi irú kan náà sí i. Ẹ má jẹ́ kó gba owó mọ́tò lọ́wọ́ yín.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọmọ Kàbà. Mo fẹ́ dá yín dúró díẹ̀ kẹ́ ẹ tó pe páálí ní òpùrọ́. Kó tú ìdérí abẹ́ fáànù náà, kó wo bátìrì. Ní ọ̀pọ̀ fáànù ínṣì 16, 12V 7Ah lo máa rí níbẹ̀. Sọ méjèèjì di púpọ̀: 12 lọ́nà 7 jẹ́ 84. Ìyẹn ni gbogbo oúnjẹ tó wà nínú agolo náà, ní wáàtì-wákàtí. Bí fáànù bá ń jẹ 20 wáàtì ní nọ́ńbà 3, 84 pín sí 20 jẹ́ wákàtí 4 ó lé díẹ̀. Bátìrì òjé ò sì ní í fún ẹ ní gbogbo 7 yẹn tó o bá ń fà á kíákíá, torí wákàtí 20 ni wọ́n fi ń fà á tán kí wọ́n tó kọ 7 sára rẹ̀. Nítorí náà wákàtí 3 àbọ̀ sí 4 kò yà mí lẹ́nu rárá, fáànù ẹ kò ṣàìsàn. Ní nọ́ńbà 1 tó bá ń jẹ bíi 8 wáàtì, á sún mọ́ 10 dáadáa. Ó ṣeé ṣe kí òtítọ́ wà lára páálí, kó jẹ́ pé wọn ò kàn kọ nọ́ńbà tí wọ́n fi dán an wò.

Kó o tó sọ ohunkóhun fún aráyé, tún un dán wò báyìí. Ṣájì ẹ̀ títí tí iná pupa fi di àwọ̀ ewé, kó o sì jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ sí i. Pa gílóòbù rẹ̀, má ki fóònù bọ̀ ọ́. Nọ́ńbà 1 lálẹ́ kan, nọ́ńbà 2 lálẹ́ míì. Gbé aago ògiri sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú fídíò, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tó kú, kẹ́nikẹ́ni má baà jà ọ́ níyàn. Bó bá ṣeé ṣe, béèrè òmíràn nínú páálí mìíràn, torí ẹyọ kan lè ní àrùn tirẹ̀.

Ọgbọ́n kan ṣì wà. Bí o bá fura sí bátìrì náà, wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n ẹlẹ́ja. 12V 7Ah tòótọ́ máa ń wúwo ju kìlógíráàmù 2 lọ. Bí ó bá fúyẹ́ bíi kìlógíráàmù kan àti díẹ̀, tí wọ́n sì kọ 7 sára rẹ̀, a jẹ́ pé orúkọ lásán ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Tíṣà_AyétòròGbẹdẹ

Ẹ ṣeun, Oníbátìrì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín ti da nǹkan kan rú. Akọ̀wé ní kó sọ àléébù fáànù yìí. Bó bá jẹ́ pé gbogbo fáànù tó ní bátìrì 7 ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní nọ́ńbà 3, ṣé a lè pè é ní àléébù èyí? Ó dà bíi kéèyàn bú ewúrẹ́ kan pé ó ń ké.

Ìyá_Mọ̀pà

Tíṣà, ẹ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, àmọ́ ọ̀nà míì ni tèmi gbà. Oníbátìrì ní kó ṣájì títí yóò fi kún. Wákàtí mélòó ni ìyẹn? Tèmi máa ń gbà tó wákàtí 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àdúgbò wa, iná lè wá ní ìrọ̀lẹ́ kó sì lọ kí ẹ tó jẹun tán. Fáànù yẹn ò ní kún láéláé. Èyí ni mo rò pé ó yẹ kí ọmọ yìí sọ, kì í ṣe nọ́ńbà 3. Ta ló ń fi nọ́ńbà 3 sùn?

Alàgbà_Ìyàrà

Èmi ni. Mo sanra.

Oníbátìrì_Ìsánlú

😂 Alàgbà!

Tíṣà, ìdáhùn yín rèé. Kì í ṣe gbogbo wọn. Àwọn kan wà tí bátìrì méjì wà nídìí wọn, owó wọn ga díẹ̀, wọ́n ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní nọ́ńbà 3. Ẹni tó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù lè yàn láàárín méjèèjì. Bó bá ti ṣeé yàn, ó tọ́ kéèyàn sọ ọ́. Ní ti ọ̀rọ̀ Ìyá, òótọ́ ni wọ́n sọ, ó sì le. Ṣùgbọ́n oníbátìrì méjì á tún pẹ́ jù ú lọ kó tó kún, nítorí náà ẹni tó sá fún ọ̀kan á lọ bá èkejì tó burú jù.

Akọ̀wéRédíò (Lọ́kọ́ja)

Ìyá ti bi wá ní ìbéèrè tó ṣòro. Bí mo ṣe máa ń wò ó ni pé, bí àléébù bá jẹ́ ti gbogbo ẹbí nǹkan náà, mo máa ń fi í sínú gbólóhùn kan gẹ́gẹ́ bí ìlò ("ẹ jẹ́ kó wà lójú iná mọ́jú kó lè kún"). Bó bá jẹ́ ti ẹyọ yìí láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, òun ni mo ń pè ní àléébù. Mi ò ní sọ pé Ìyá ò tọ̀nà o. Ká ní Mọ̀pà lèmi ń gbé, ó ṣeé ṣe kí n yí i padà.

Ṣọ́ọ̀bùDúró (Ẹ̀gbẹ̀)

Ọjà yìí ni mo ń tà, kí n sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀yin tó ń ṣe fídíò yìí ń pa wá lára. Kọ́sítọ́mà á gbé fáànù lọ, á tan gílóòbù rẹ̀, á fi ṣájì fóònù mẹ́ta, á tẹ nọ́ńbà 3, á wá gbé e padà wá bá mi lọ́jọ́ kejì pé ó ti bàjẹ́. Lẹ́yìn fídíò kan bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹni tó wọlé ló ń sọ pé "èyí tí wọ́n ní kò dáa nù un." Ohun tí wọ́n gbọ́ ni "kò dáa", wọn ò gbọ́ nọ́ńbà.

Ẹ̀bẹ̀ mi méjì. Bó o bá máa sọ wákàtí, sọ ti nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, má mú èyí tó burú jù nìkan. Kó o sì sọ iye tí wọ́n ń tà á. Fáànù ₦60,000 tó kú ní wákàtí 4 àti fáànù ₦120,000 tó kú ní wákàtí 4 kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kan náà. Ọ̀kan kù: bí mo bá gbé ọjà mi fún ẹ lọ́fẹ̀ẹ́, mo retí kó o ṣe mí lóore. Mi ò ní purọ́.

Akọ̀wéRédíò (Lọ́kọ́ja)

Ẹ̀bẹ̀ méjì àkọ́kọ́ yẹn wúlò. ỌmọKàbà, kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò ní wọ inú ìṣẹ́jú kan àbọ̀ kí ó sì dùn-ún gbọ́. Sọ 1 àti 3, gbé 2 sára àwòrán kí wọ́n fi ojú kà á.

Ìkẹta ni mi ò lè bá yín gbà. Bí wọ́n bá gbé e fún un, kó sọ bẹ́ẹ̀ ní gbólóhùn kejì, kó tó yìn ín, kó tó bú u. Bó bá jẹ́ yíyá ló yá a, kó sọ pé yíyá ni. Bó bá jẹ́ pé tirẹ̀ ni títí láé, kó sọ ìyẹn. Òfin wà lórí ọ̀rọ̀ ìtànjẹ nípa ọjà ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n kí òfin tó dé, àwọn ará ìlú fúnra wọn á ti mọ̀. Kàbà ò tóbi. Ẹni kan á ṣáà rí ẹ níbi tó o ti ń gbé páálí jáde nínú ṣọ́ọ̀bù.

Fún ààbò tìrẹ, sọ ohun tó o rí, má sọ ohun tó o rò pé ó wà lọ́kàn ẹnìkan. "Kò pé wákàtí 4 ní nọ́ńbà 3" ò lè kó ẹ sí wàhálà, torí aago wà níbẹ̀. "Jìbìtì ni wọ́n ń ṣe" lè gbé ẹ dé ilé ẹjọ́, torí ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ nípa ìwà wọn.

ỌmọKàbà

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti dán an wò bí Oníbátìrì ṣe wí. Bátìrì rẹ̀ jẹ́ 12V 7Ah lóòótọ́, aládùúgbò wa tó ń ta ẹja bá mi wọ̀n ọ́n, ó ju kìlógíráàmù 2 lọ díẹ̀. (Ó ní kí n nu òṣùwọ̀n òun kí n tó lọ.) Nọ́ńbà 1 lo wákàtí 9 ó lé díẹ̀. Nọ́ńbà 2 lo bíi 6. Nọ́ńbà 3 ò yí padà, ẹyọ tó wà nínú páálí kejì náà ṣe bákan náà.

Nítorí náà páálí ò fi bẹ́ẹ̀ purọ́. Mi ò wá mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ báyìí. Ṣé àléébù ṣì ni?

Akọ̀wéRédíò (Lọ́kọ́ja)

Ó ṣì jẹ́ àléébù, àmọ́ ìrísí rẹ̀ ti yàtọ̀. Lánàá ò bá sọ pé "páálí purọ́", ìwọ gan-an lò bá sì ṣìnà. Lónìí o máa sọ pé "ní agbára kíkún, kò gbé èèyàn mọ́jú". Gbólóhùn yìí kò ṣeé jà níyàn.

Jẹ́ kí n kọ ọ́ bí mo ṣe máa kà á. Mo fi iye tí ṣọ́ọ̀bù àdúgbò mi ń pè é sí i, ìwọ fi ti Kàbà rọ́pò.

> "Ẹ kú ojúmọ́ o. Fáànù aláṣájì nìyí, ínṣì 16, ₦62,000 ni wọ́n ń tà á lọ́sẹ̀ yìí. Ẹni tó ń tà á ló yá mi lò, màá dá a padà.
>
> Ìbéèrè kan ni mo fi dán an wò: bí iná bá lọ ní aago mẹ́wàá alẹ́, ṣé fáànù yìí á gbé wa mọ́jú?
>
> Mo ṣájì rẹ̀ kún, mo pa gílóòbù rẹ̀. Ní nọ́ńbà 1, ó lo wákàtí 9 ó lé díẹ̀. Ẹ wo aago. Atẹ́gùn rẹ̀ dé ara èèyàn méjì lórí bẹ́ẹ̀dì kan. Kò pariwo, mo ń gbọ́ ìró aago ògiri.
>
> Àléébù rẹ̀ nìyí. Ní nọ́ńbà 3, kò pé wákàtí 4 tó fi kú. Wákàtí 10 tí ẹ ń kà lára páálí, nọ́ńbà 1 nìkan ló sún mọ́ ọn. Bí nọ́ńbà 1 ò bá tó yín, kó tó di aago méjì òru ooru á ti jí yín.
>
> Ìdájọ́ mi: ẹ rà á fún yàrá tí ẹnì kan tàbí méjì ń sùn. Ẹ má rà á fún pálọ̀ tàbí ṣọ́ọ̀bù."

Ka á sókè pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú kan àbọ̀, má sáré ẹnu, gé ọ̀rọ̀ ìró aago ògiri kúrò. Kíyè sí i pé mi ò fi "ṣùgbọ́n" ṣíwájú àléébù, mi ò sì fi ìyìn kan tẹ̀ lé e láti fi nu ún nù. Ẹ má bínú, Alàgbà. Bó o bá fi rere tì í, ohun tó kẹ́yìn létí ni olùgbọ́ máa gbé lọ.

Tíṣà_AyétòròGbẹdẹ

Ó dára púpọ̀, síbẹ̀ mo ní àtakò lórí ìdájọ́. "Ẹ rà á fún èyí, ẹ má rà á fún yẹn." Àbúrò ỌmọKàbà béèrè bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ ti fún un ní méjèèjì. Níbo ni ìyẹn fi yàtọ̀ sí "ọwọ́ yín ló kù sí"?

Akọ̀wéRédíò (Lọ́kọ́ja)

Tíṣà, ẹ jẹ́ ká dán an wò lára èèyàn. Ẹ mú àbúrò ỌmọKàbà. Yàrá kan ló ń gbé, òun nìkan ló ń sùn níbẹ̀. Lẹ́yìn tó gbọ́ tèmi, á mọ̀ pé kóun rà á. Ẹ mú ẹni tó ń gẹrun. Á mọ̀ pé kóun má rà á. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó máa tún béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn "ọwọ́ yín ló kù sí", àwọn méjèèjì á ṣì dúró síbi tí wọ́n wà. Bí mo ṣe ń mọ̀ pé ìdájọ́ dúró nìyẹn: kí olùgbọ́ lè tọ́ka sí ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

Ohun tí mi ò ní gbà ni kí apá méjì di mẹ́rin. "Bí ẹ bá ní sólà, bí ẹ bá ní jẹnẹrétọ̀, bí owó bá wà..." Ìyẹn ti kúrò ní ìdájọ́.

Tíṣà_AyétòròGbẹdẹ

Mo gbà fún yín dé ààbọ̀. Èmi ì bá fi "ẹ rà á" parí, kí n gbé pálọ̀ àti ṣọ́ọ̀bù lọ sínú àléébù, níbi tí ilé wọn wà. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn á wá jẹ́ ẹyọ kan.

Ṣọ́ọ̀bùDúró (Ẹ̀gbẹ̀)

Tíṣà yìí ni mo wà lẹ́yìn rẹ̀ 😄

Alàgbà_Ìyàrà

Ẹ ò tíì dáhùn ohun kan. Kí ló dé tí àléébù fi wà láàárín? Mo rò pé ó yẹ kó ṣíwájú, torí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í wo fídíò dé ìdí. Ẹni tó bá pa á lẹ́yìn ìdajì á lọ pẹ̀lú ìyìn nìkan.

Akọ̀wéRédíò (Lọ́kọ́ja)

Alàgbà, ẹ mú mi níbẹ̀. Lórí rédíò a kì í ṣe bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó tan rédíò máa ń jẹ́ kó sọ̀rọ̀ lọ. Lórí fóònù, ó ṣeé ṣe kí ẹ tọ̀nà. ỌmọKàbà lè kọ àléébù náà sára àwòrán láti ìbẹ̀rẹ̀, "Nọ́ńbà 3: kò pé wákàtí 4", kí ẹnu máa bá ètò tirẹ̀ lọ.

Ìyá_Mọ̀pà

Ṣé Ọ̀wẹ̀ lo máa fi sọ ọ́, àbí Yorùbá tí gbogbo wa gbọ́? Bó bá jẹ́ Ọ̀wẹ̀, àwa Yàgbà á gbọ́, àmọ́ sọ nọ́ńbà yẹn ketekete.

ỌmọKàbà

Yorùbá gbogbo ayé ni, Mọ̀mí, màá kàn fi Okun kí yín níbẹ̀rẹ̀.

Mo ti fi ọ̀rọ̀ náà han ìyá oníṣọ́ọ̀bù kí n tó yà á. Mo ní kì í ṣe ìyọ̀ǹda ni mo wá gbà, mo fẹ́ kí wọ́n wò ó bóyá nọ́ńbà kan wà níbẹ̀ tí kò tọ́. Wọ́n wo fídíò aago náà lẹ́ẹ̀mejì. Wọn ò jiyàn lórí wákàtí 4. Ohun tó dùn wọ́n ni "ẹ má rà á fún ṣọ́ọ̀bù", torí àwọn oníṣọ́ọ̀bù ló ń rà á jù lọ́wọ́ wọn. Mo ní màá fi í sílẹ̀ níbẹ̀, torí nọ́ńbà 3 ni àwọn oníṣọ́ọ̀bù máa ń lò ní ọ̀sán. Wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ní ó kéré tán kí n fi kún un pé ó ń gba sólà, torí ihò rẹ̀ wà lẹ́yìn. Ṣé kí n fi í sí i?

Oníbátìrì_Ìsánlú

Ṣé o ti kì í bọ sólà rí?

ỌmọKàbà

Rárá o. Mo kàn rí ihò náà.

Oníbátìrì_Ìsánlú

Má tíì sọ ọ́. Lọ yá páńẹ́ẹ̀lì kékeré kan, kó o fi dán an wò. Àwọn 20 wáàtì tí wọ́n sábà máa ń tà pẹ̀lú rẹ̀ máa nílò ju wákàtí 4 lọ tí oòrùn bá mú ṣáṣá kí wọ́n tó kún 84 yẹn, àti pé ìyẹn ni bí kò bá sí nǹkan tó sọnù lọ́nà. Bí ó bá ṣókùnkùn tàbí tí ọyẹ́ bá bo ojú ọ̀run, kò ní kún lọ́jọ́ kan. Bó o bá rí i pé ó ṣiṣẹ́, gbólóhùn kan tó o, iye wákàtí tó gbà ni kó o sọ. Bí o ò bá rí páńẹ́ẹ̀lì yá, ya fídíò rẹ láìsí sólà nínú rẹ̀.

Ìyá_Mọ̀pà

Bó bá ṣiṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fún èmi náà. Wọ́n ti bá mi pààrọ̀ bátìrì yẹn, ó tún ń fẹ́ báyìí, iná ni kò sí.